Ara Mi Dá: Bí Orin Ìdúpẹ́ Ìyá Kan Ṣe Rí Ohùn Rẹ̀

Oṣù mẹ́fà gbáko ni ìyá kan nínú ìjọ wa fi lo oògùn ikọ́ ife, láì fo ọjọ́ kan. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò náà ti kúrò lára rẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ọ̀gá akọrin, mo fẹ́ dúpẹ́ ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù yìí. Èmi fúnra mi ni mo sì fẹ́ lé orin náà."

Inú mi dùn, àmọ́ ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Kòkòrò ikọ́ ife lè kú tán kí ẹ̀dọ̀fóró tó ti bà jẹ́ má tíì bọ̀ sípò. Bí ìyá bá ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń dúró kó tó dé òkè. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè lé orin gígùn. Mo wá pinnu pé lílé rẹ̀ kò ní ju ìwọ̀n èémí kan lọ, ègbè ni yóò sì ru orin náà. Nígbà tí ìjọ bá ń gbè é, ìyá á rí àyè mí.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ kò pọ̀:

Ara mi dá,
Mo dúpẹ́,
Ẹ bá mi yọ̀.

Sílébù mọ́kànlá péré ni. Ọmọdé á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, á gbà á. Ẹni tí kò mọ̀wé kò ní wá ìwé orin kiri. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ohùn.

Láti kékeré ni orin ìyìn tí wọ́n fi ohùn òyìnbó kọ ti wà létí mi, èyí tó máa ń rọlẹ̀ bí ìlà bá fẹ́ parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ìlà àkọ́kọ́: re re re dò. Nígbà tí a ń kọ́ ọ, bàbá tó ń lu gángan fún wa dá ọ̀pá ìlù dúró. Ó ní, "Ọmọ mi, ara ta lẹ ń wá?" Òótọ́ ló sọ. "Dá" ti di "dà" lẹ́nu wa. Ẹni tó wá dúpẹ́ pé ara òun dá la mú kó máa béèrè ibi tí ara òun wà.

Àṣìṣe yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì, ohùn òyìnbó ni wọ́n fi gbé e, ọ̀rọ̀ Yorùbá ló sì ń jìyà rẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta, tó kọrin sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ohùn orin tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Àńgílíkà tó wà ní Màrínà l'Ékòó, tẹ odindi ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953.

Mo tún tiwa ṣe. "Ara mi dá" di re re re mí. "Mo dúpẹ́" di re mí mí. Ṣùgbọ́n òkè ni méjèèjì parí sí, orin tó bá sì dúró sókè bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kí ìjọ mọ̀ pé ó ti tán. Ìdí nìyí tí mo fi "ẹ bá mi yọ̀" kádìí rẹ̀: re mí re dò. "Yọ̀" wálẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó tì í. Bàbá onígángan lu gbogbo rẹ̀ láìsí ẹni tó kọrin, àwọn akọrin sì pe ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ nígbà náà pé ó ti bọ́ sí i.

Ó ku ẹyọ kan. Ìyá ni ara rẹ̀ dá, kì í ṣe ìjọ, nítorí náà ègbè gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. "A bá ọ yọ̀" bá ohùn náà mu rẹ́gí, àmọ́ ta ni nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tí yóò pe ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ní "ọ"? "Yín" la fi sí i, "yín" sì ń gòkè níbi tí "mi" ti wà láàárín. Àyè méjì ni mo yí padà nínú ègbè:

Ara yín dá,
A dúpẹ́,
A bá yín yọ̀.

Ìlà àkọ́kọ́ di re re mí mí, ìkẹ́yìn di re mí mí dò. Ó kọ́kọ́ ta kókó sáwọn kan lẹ́nu nítorí pé ti ìyá ni etí wọn ti gbọ́. A lò tó ìdajì wákàtí lórí rẹ̀.

Ní Sọ́ńdè náà, ìyá dúró létí pẹpẹ, ó di irin rẹ̀ mú. Ó lé e lẹ́ẹ̀kan, a gbè é. Ó lé e lẹ́ẹ̀kejì, a gbè é. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó ní "Ara mi dá, mo", èémí sì tán. Gángan ló gba "dúpẹ́" lẹ́nu rẹ̀, ohùn òkè méjì, kedere. Ìjọ kò dúró kó parí ìyókù. Wọ́n ti wọlé pẹ̀lú "Ara yín dá", ìyá sì jókòó, ó ń mì orí, ó ń mí.