Ojú Ewé Kan Ṣoṣo fún Àwọn Ọ̀gá: Bí A Ṣe ń Fa Kókó Yọ Nínú Ìṣirò Owó Oṣù Mẹ́ta

Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ MTN Nàìjíríà gbé ìṣirò owó oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà jáde. Ẹni tó bá ka òkè rẹ̀ nìkan yóò rí i pé owó tó wọlé ti gbéra láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 568 náírà ní irú àkókò kan náà lọ́dún 2023, ó ti dé bílíọ̀nù 753. Ẹni tó bá kà á dé ìsàlẹ̀ yóò rí i pé ilé-iṣẹ́ náà pàdánù bíi bílíọ̀nù 393 náírà, nígbà tó jẹ́ pé èrè bílíọ̀nù 108 ló jẹ lọ́dún tó ṣáájú. Ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì kà.

Ẹ wá fojú inú wo ọ̀gá àgbà kan ní báńkì tó ti yá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lówó. Ìpàdé mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò ní ráyè ka ìwé tó nípọn bẹ́ẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó wọlé ìpàdé. Ó máa sọ fún ẹnì kan ní ọ́fíìsì pé kó bá òun fi í sí ojú ewé kan. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni mo fẹ́ sọ níbí, ìṣirò MTN yìí ni màá sì fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó fi hàn kedere pé gígé ọ̀rọ̀ kúrú kọ́ ni iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ náà ni wíwá ibi tí owó gbà lọ, kí a sì ya ohun tó lè tún ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó lè má ṣẹlẹ̀ mọ́.

Òfin ọjà ìdókòwò Nàìjíríà ni pé kí ilé-iṣẹ́ tó wà lórí ọjà gbé irú ìṣirò yìí jáde láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí oṣù mẹ́ta bá parí. Nítorí ìyára yìí, lọ́pọ̀ ìgbà àwọn ayẹ̀wéwò láti ìta kì í tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ mọ èyí, nítorí náà ó yẹ kó wà lórí ojú ewé náà, kódà bí kò bá ju gbólóhùn kan lọ.

Ìṣirò náà máa ń wá pẹ̀lú lẹ́tà tàbí àlàyé tí àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ kọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a ka lẹ́tà yẹn kẹ́yìn. Kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n ń pa níbẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ló yan èyí tí wọ́n máa gbé síwájú, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ kà á ti gba ojú wọn wò ó nìyẹn. Ìwé èrè àti àdánù ni kí a kọ́kọ́ kà, ká tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé owó tó wọlé tó sì jáde gan-an, lẹ́yìn náà ìwé ohun-ìní àti gbèsè, ká wá lọ sí àwọn àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn. Inú àwọn àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́ yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀ sábà máa ń wà.

Kí a tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, ìbéèrè kan wà láti dáhùn: kí ni ọ̀gá yìí fẹ́ fi ìwé náà pinnu? Ẹni tó ń ṣàkóso owó ìfẹ̀yìntì fẹ́ mọ̀ bóyá owó èrè máa tẹ àwọn onípìn-ín lọ́wọ́. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ fún ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ mọ̀ bóyá wọn ó tún rajà lọ́dún yìí. Báńkì ní tirẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó jẹ òun lówó lè san án. Ẹ jẹ́ ká dúró sọ́dọ̀ báńkì.

Ẹ bá mi tọpa owó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bílíọ̀nù 185 ló wọlé lé ti àtẹ̀yìnwá. Iye kan wà tí wọ́n ń pè ní EBITDA, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó iṣẹ́ ojoojúmọ́, kí a tó yọ èlé, owó orí àti iye tí ẹ̀rọ fi ń gbó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún náírà tó wọlé, bíi náírà 53 ló ṣẹ́kù síbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, bíi náírà 39 péré ni. Bí a bá ṣírò rẹ̀, a ó rí i pé iye tó ṣẹ́kù kò kúrò lójú kan, ó tilẹ̀ dín díẹ̀. Èyí já sí pé ìnáwó iṣẹ́ gbé gbogbo bílíọ̀nù 185 tó lé yẹn mì. Ohun pàtàkì tó fà á ni owó tí wọ́n ń san lórí àwọn òpó tó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ni àwọn òpó náà, àdéhùn wọn sì so mọ́ iye dọ́là. Bí náírà bá ṣubú, owó òpó á ròkè, bẹ́ẹ̀ owó tí èmi àti ẹ̀yin fi ń pe ara wa kò yí padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àdánù ńlá wá. Ní òpin oṣù kejìlá 2023, bíi náírà 907 ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Ní òpin oṣù kẹta 2024, ó ti di bíi 1,309. Ẹni tó bá jẹ gbèsè ọgọ́rùn-ún dọ́là jẹ náírà 90,700 nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó ti jẹ náírà 130,900, láìyá kọ́bọ̀ kan sí i. Òfin ìṣirò ní kí ó kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀ bí àdánù lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ pé kò tíì san án. Ti MTN tó bíi bílíọ̀nù 656 náírà ní oṣù mẹ́ta yẹn nìkan.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ojú ewé kan ti máa ń ṣìnà. Akọ̀wé á kọ ọ́ pé náírà tó ṣubú ló fa àdánù, pé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà, yóò sì dákẹ́ síbẹ̀. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Bí a bá yọ àdánù pàṣípààrọ̀ owó yẹn kúrò, tí a sì ṣàtúnṣe owó orí tó bá a rìn, èrè bíi bílíọ̀nù 47 ló máa kù. Ṣùgbọ́n ẹ gbé 47 sí ẹ̀gbẹ́ 108 ti ọdún tó ṣáájú, kò tó ìdajì rẹ̀. Nǹkan méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Àtúnṣírò gbèsè lè dúró bí náírà bá dúró. Owó òpó kò ní wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, oṣooṣù ni yóò máa jẹ owó títí àdéhùn fi yí padà tàbí títí owó ìpè fi lé. Báńkì tí wọ́n sọ ti àkọ́kọ́ fún, tí wọn kò sọ ti ìkejì, ti gba ìròyìn tó lè mú un ṣìpinnu.

Ìdàgbàsókè owó tó wọlé náà fẹ́ àtúnwò. Ó fi bíi ìdá 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé, ó sì dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún yẹn, ìṣirò ìjọba fi hàn pé ọ̀wọ́n gógó ọjà jẹ́ ìdá 33.2. Ilé-iṣẹ́ náà kàn bá ọjà sáré dọ́gba ni, kò fi bẹ́ẹ̀ gbòòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tún kù lórí bí a ṣe ń fi iye wé iye. Bí èrè bá di àdánù, ẹ má fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ohun tí ẹ̀rọ ìṣirò máa gbé jáde kò ní ìtumọ̀. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí: láti èrè 108 sí àdánù 393. Oṣù mẹ́ta kan náà ti ọdún tó kọjá ni kí a sì fi wé e, nítorí oṣù ọdún Kérésìmesì kì í dọ́gba pẹ̀lú oṣù kìíní.

Ojú ewé náà wá lè rí báyìí:

MTN Nàìjíríà, oṣù kìíní sí oṣù kẹta 2024. Ayẹ̀wéwò kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Bílíọ̀nù náírà ni gbogbo iye owó, a sì ti sún wọn mọ́ odidi.

Kókó: owó ń wọlé, ṣùgbọ́n owó òpó tó so mọ́ dọ́là ti jẹ ìdàgbàsókè rẹ̀ tán, gbèsè dọ́là sì sọ èrè di àdánù.

Owó tó wọlé: 753 (2023: 568)
Ohun tó kù nínú 100 lẹ́yìn ìnáwó iṣẹ́: 39 (2023: 53)
Àdánù pàṣípààrọ̀ owó: 656
Èrè tàbí àdánù lẹ́yìn owó orí: àdánù 393 (2023: èrè 108)
Láìsí àdánù pàṣípààrọ̀: èrè 47
Owó àwọn onípìn-ín: bíi 434 ló fi wọ gbèsè

Ohun tó lè dúró: àtúnṣírò gbèsè, bí náírà bá dúró. Ohun tí yóò máa bá a lọ: owó òpó.

Ohun tó yẹ ká máa ṣọ́: àtúnṣe àdéhùn òpó, àti àṣẹ láti fi kún owó ìpè.

Ìpinnu tí a nílò: ṣé ká yá wọn ní dọ́là sí i, àbí ní náírà nìkan?

Ìlà tó sọ pé owó onípìn-ín wọ gbèsè ń sọ pé gbèsè ti ju ohun-ìní lọ nínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí owó èrè ìparí ọdún 2023 fún àwọn onípìn-ín. Báńkì gbọ́dọ̀ rí i, ẹ má sì fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀.

Nínú ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí nọ́ńbà ojú ewé tí iye kọ̀ọ̀kan ti wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀gá bá bi í ní ìpàdé pé níbo ni 47 ti wá, kó lè nawọ́ sí i. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni ti ìwọ̀n: ìwé kan máa ń ka owó ní mílíọ̀nù, òmíràn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, akọ̀wé tó ń kánjú á sì sọ bílíọ̀nù di tírílíọ̀nù. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí àtẹ ní òkè ojú ewé ló máa ń sọ èyí tó jẹ́, kí a kà á kí a tó kọ iye kan sílẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, MTN àti IHS, ọ̀kan nínú àwọn tó ni òpó, kéde àdéhùn tuntun. Ní oṣù kìíní 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí àfikún owó ìpè tó lè tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ìṣirò oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2025 jáde, èrè bíi bílíọ̀nù 134 ló wà ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó kọ ojú ewé tọdún yẹn bá ìdánwò mìíràn pàdé. Bó bá fi 134 wé àdánù 393 nìkan, ọ̀gá á rò pé iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀. Ó yẹ kó gbé 108 ti 2023 náà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀wọ́n gógó ọdún méjì ti wà láàárín.