"Kò Kó Ọjà Dé" àti "Kò Lè Kó Ọjà Dé": Bí A Ṣe Lè Túmọ̀ Fọ́ọ̀sì Màjọ̀

Ní ọdún 2022, odò Ọya àti Bẹ́núé kún àkúnya ní Lọ́kọ́ja, omi sì bo títì tó lọ sí Àbújá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ agbépo há sójú ọ̀nà, epo bẹntiróò sì wọ́n ní Àbújá. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ilé-iṣẹ́ gáàsì NLNG, tó wà ní Bọ́nì, kéde fọ́ọ̀sì màjọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Àwọn tó ń fún un ní gáàsì ló kọ́kọ́ kéde irú rẹ̀ fún òun náà, nítorí omi ti dá iṣẹ́ wọn dúró.

Èdè Faransé ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Bí a bá tú u lọ́rọ̀ sí ọ̀rọ̀, "agbára tó ga jù" ni. Nínú àdéhùn ìpèsè ọjà, abala kan ni. (Ẹ má pè é ní awẹ́ gbólóhùn o, ti gírámà nìyẹn.) Ohun tí abala yìí ń sọ ni pé bí ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí kò ti ọwọ́ olùpèsè wá bá dí i lọ́nà, kò ní san ìtanràn, bí ó bá tètè fi tó oníbàárà létí bí àdéhùn ṣe ní kó ṣe é. Kì í sábà pa àdéhùn rẹ́. Ó máa ń dá ojúṣe dúró fún ìgbà díẹ̀ ni. Ní Nàìjíríà, ohun tí ẹ̀yin méjèèjì kọ sínú àdéhùn ni ilé-ẹjọ́ yóò wò, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí atúmọ̀ bá yàn fi ṣe kókó.

Ẹ jẹ́ ká fi Ekinrin-Adde, ìlú mi, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan níbẹ̀ ṣèlérí láti kó ọgọ́rùn-ún àpò gààrí dé Àbújá ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àdéhùn náà, àwọn bàbá ẹgbẹ́ sì fẹ́ gbọ́ ọ ní Yorùbá kí wọ́n tó tẹ̀ka sí i. Ọ̀nà Kàbbà sí Lọ́kọ́ja ni ọkọ̀ wọn máa ń gbà. Kí la máa pe abala yìí?

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lẹ́nu ni "àmúwá Ọlọ́run". Ó bá àkúnya omi mu, ṣùgbọ́n àdéhùn náà tún dárúkọ ogun, ìyanṣẹ́lódì àti àṣẹ ìjọba. Bí ìjọba bá ti ọ̀nà pa, bàbá kan lè rò pé abala yẹn kò gba òun sílẹ̀, nítorí èèyàn ló ti ọ̀nà. Ìtumọ̀ náà ti há jù.

Èkejì ni "ohun tó kọjá agbára ẹni". Èyí náà tún fẹ̀ jù. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ wa, ẹni tí owó ọkọ̀ wọ́n fún náà máa ń sọ pé ó kọjá agbára òun. Bẹ́ẹ̀, ọjà tàbí ọkọ̀ tó wọ́n lásán kì í sábà tó fọ́ọ̀sì màjọ̀ lójú ilé-ẹjọ́. Bí ọ̀nà tó gba Ìlọrin àti Jẹ́bà bá ṣì ṣí, tí àdéhùn kò sì dárúkọ ọ̀nà kankan, ẹgbẹ́ náà ṣì lè kó gààrí dé, bí owó ọkọ̀ tilẹ̀ di ìlọ́po méjì. "Kò kó o dé" ni ọ̀rọ̀ wọn, kì í ṣe "kò lè kó o dé". Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "lè", ló gbé gbogbo abala náà dúró.

Nítorí náà, "ìdènà tí kò ṣeé borí" ni mo yàn. Mo wá tú abala náà báyìí:

"Bí ogun, ìyanṣẹ́lódì, àṣẹ ìjọba, àkúnya omi tàbí ìdènà mìíràn tí kò ti ọwọ́ olùpèsè wá, tí kò sì ṣeé borí, bá mú kí ó má lè kó ọjà dé, ojúṣe rẹ̀ láti kó o dé yóò dúró títí ìdènà náà yóò fi kúrò, kò sì ní san ìtanràn, bí ó bá ti fi ìwé sọ fún oníbàárà láàárín ọjọ́ 7. Bí ìdènà náà bá ju ọjọ́ 60 lọ, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì ní ẹ̀tọ́ láti fòpin sí àdéhùn."

Ẹ kíyè sí "tàbí": bí mo bá kọ "àti" síbẹ̀, ẹnìkan lè jiyàn pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ pọ̀. Ẹ tún wo "ní ẹ̀tọ́ láti": mi ò lo "lè" níbẹ̀, kó má baà dàrú mọ́ "lè" tó ń sọ nípa agbára.

Láti mọ̀ bóyá ìtumọ̀ náà pé, ẹ kà á fún ẹni tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Bí owó ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì ńkọ́? Bí àwọn awakọ̀ bá yanṣẹ́lódì ńkọ́? Bí omi bá fà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣé a ṣì máa kó gààrí? Bí ìdáhùn rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ẹni tó ka Gẹ̀ẹ́sì, ẹ padà sídìí ìtumọ̀ yín.