Ojú Ìwé Tó Dorí Kodò: Níbo La Ó Ti Bẹ̀rẹ̀ sí Í Kà?

Bí ẹ bá ya Bíbélì Mímọ́ tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì ní fótò, tí ẹ sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá yín ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde kí ẹ má baà máa tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lẹ́tà tí ẹ̀rọ ṣì kà ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Lẹ́tà tó ṣì, ojú á rí i. Ọ̀rọ̀ tí kò tò bó ṣe yẹ ló burú, nítorí pé gbogbo lẹ́tà lè pé síbẹ̀, kí ìdajì gbólóhùn kan sì ti lọ lẹ̀ mọ́ ìdajì òmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ọwọ́ ẹni tó ya fótò ni ọ̀ràn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nǹkan kan wà nínú fóònù tó ń mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Bí ẹ bá gbé fóònù dúró, ó mọ etí rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ́ ẹ gbalaja sókè ìwé tó wà lórí tábìlì, kò sí etí kankan tó kọjú sílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọjú sílẹ̀. Fóònù á wá máa méfò, tàbí kó di ipò tó wà tẹ́lẹ̀ mú. Ìdí nìyí tí ojú ìwé mẹ́ta lè dúró dáadáa kí ìkẹrin sì dorí kodò, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń yà á kò kúrò lójú kan.

Ohun tó tún ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé fóònù kì í sábà yí àwòrán náà fúnra rẹ̀. Ńṣe ló ń kọ nọ́ńbà kan pamọ́ sínú fáìlì, lábẹ́ orúkọ `Orientation`. 1 túmọ̀ sí pé àwòrán dúró bó ṣe yẹ, 3 ni pé ó dorí kodò, 6 àti 8 sì jẹ́ ti èyí tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ibi tí ẹ ti ń wo fótò lórí fóònù ń tẹ̀ lé nọ́ńbà yìí, ó sì ń yí i fún yín kí ẹ tó rí i. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán kì í wò ó rárá. Èyí tó dúró ṣánṣán lójú yín lè wà ní ìdorí kodò lójú tiwọn, kí wọ́n sì máa po kántankàntan jáde.

Yorùbá ní àmì tó ń jẹ́ kéèyàn tètè mọ̀. Ẹ wo ẹ, ọ àti ṣ. Bí ojú ìwé bá dorí kodò, àmì abẹ́ wọn á gun orí, àmì ohùn á sì já sí ẹsẹ̀ lẹ́tà. p á dà bíi d, n á dà bíi u. Bí ìwé bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ibi tí àmì abẹ́ lẹ́tà kọjú sí ni ìsàlẹ̀ ìwé. Bó bá kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ yí àwòrán náà bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, àmì náà á sì bọ́ sísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ọwọ́ òsì, ẹ yí i sí òdìkejì.

Ọ̀tọ̀ ni àwòrán tó yí pa dà bíi ti inú dígí, irú èyí tí ẹ máa rí nígbà tí wọ́n bá ya fíìmù ìwé ìròyìn àtijọ́ láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá yí ó po lórí kodò, àmì òkè rẹ̀ á bọ́ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó dà sí kò ní yí pa dà. Nínú dígí, àmì náà kò kúrò lórí, àmọ́ ó ti di ò. Ohùn òkè ti di ohùn ìsàlẹ̀ nìyẹn. Kò sí bí ẹ ṣe lè yí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ká tó máa gún. Àfi kí ẹ pa òsì rẹ̀ dà sí ọ̀tún.

Ẹ jẹ́ ká mú Mátíù orí 5, tó ní ẹsẹ 48, ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ojú ìwé méjì ló ṣí sílẹ̀, òpó ọ̀rọ̀ méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òpó kìíní ní ẹsẹ 1 sí 13, ìkejì ní 14 sí 26, ìkẹta ní 27 sí 38, ìkẹrin sì ní 39 sí 48. Bí ẹ̀rọ bá ka ìlà já gbogbo òpó kọjá, ẹ máa rí ẹsẹ 1, kí 14 tẹ̀ lé e, kí 27 tẹ̀ lé ìyẹn, lẹ́yìn náà 39. Bí àwòrán bá dorí kodò, tí ẹ̀rọ sì kọ́kọ́ gé e sí òpó kó tó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró, ọ̀rọ̀ inú òpó kọ̀ọ̀kan á pé, ṣùgbọ́n 39 sí 48 ni yóò ṣíwájú, 1 sí 13 á sì gbẹ́yìn. Èyí ni mo kà sí ewu jù lọ, torí pé ẹni tó bá wo òpó kan ṣoṣo kò ní rí àléébù kankan.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yí gbogbo àwòrán dúró. Lẹ́yìn náà kí ẹ là á níbi ẹ̀yìn ìwé, torí pé ibẹ̀ ni bébà ti ń ká, tí ìlà ọ̀rọ̀ sì ń dagun. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ wá gé òpó. Bó bá jẹ́ Bíbélì atọ́ka tó ní òpó tín-ínrín láàárín, ẹ gé ìyẹn náà lọ́tọ̀. Kò sí lára ọ̀rọ̀ tó ń lọ. Ẹni tó ń lo Tesseract lè kọ́kọ́ bi í pé apá ibo ni àwòrán kọjú sí:

```
tesseract mattiu5.jpg stdout --psm 0
```

Ẹ wo ìlà tó ní `Rotate`: iye tí ẹ máa yí àwòrán náà ló wà níbẹ̀. Bí `Orientation confidence` bá kéré gan-an, ẹ fojú ara yín wò ó. Ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ kì í jẹ́ kó dá a mọ̀. Tó bá wá kan kíkà, `--psm 6` gbà pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dì pọ̀ ló wà níwájú rẹ̀. Ó dára fún òpó tí ẹ ti gé, àmọ́ bí ẹ bá lò ó fún odindi ojú ìwé, á ka ìlà kọjá láti òpó kan sí èkejì.

Ibì kan ṣì wà tí òfin "òsì tán, kó tó kan ọ̀tún" kò tó. Ẹ ṣí ibi tí Mátíù ti parí sí àárín ojú ìwé, tí Máàkù sì bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Bíbélì, àkọlé Máàkù na já òpó méjèèjì, ó sì dábùú ojú ìwé sí òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń ka òpó òsì lọ dé ilẹ̀ á bọ́ láti inú Mátíù sínú Máàkù, kó tó tún gòkè pa dà wá parí Mátíù. Òkè la gbọ́dọ̀ kà tán, òsì àti ọ̀tún, ká tó ka àkọlé, lẹ́yìn náà ká wá ka ìsàlẹ̀ bákan náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí fún ìwé ìròyìn tí àkọlé rẹ̀ bá na gbọọrọ.

Nọ́ńbà ẹsẹ ni ẹlẹ́rìí tó dára jù, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún un. 6 àti 9 máa ń gba ipò ara wọn, 16 sì máa ń di 91 bí ìwé bá dorí kodò. Tí ẹsẹ 48 bá sì tán, tí ẹ bá 2 láìrí 1, ó lè jẹ́ pé kò sí àṣìṣe kankan: nọ́ńbà orí 6 tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ ló dúró níbi tí ẹsẹ 1 ì bá wà.

Nínú ìwé tí kò ní nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn òpó kan àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ òpó kejì nìkan ló lè jẹ́rìí. Ẹ kà wọ́n pọ̀ sókè. Bí gbólóhùn bá lọ geerege, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá lọ, ẹ pa dà sí fótò àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pa á rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé e.