Bátìrì Dróònù Tó Ń Wú, Tó Ń Yára Tán, Tàbí Tó Kọ Iná

Bátìrì dróònù kì í sábà wú lójú òfurufú. Orí tábìlì, inú báàgì tàbí inú búùtù ọkọ̀ ló ti máa ń wú, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣáàjì rẹ̀ dé góńgó tí ẹnikẹ́ni kò sì lò ó. Èyí máa ń ya ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya ìnáwó lẹ́nu, nítorí wọ́n gbà pé ìlò nìkan ló ń pa bátìrì. Òótọ́ ni pé ìlò ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná kíkún, ooru àti ìjókòó pípẹ́ bá pàdé lórí bátìrì kan, oṣù díẹ̀ tó láti sọ ọ́ di ògbólógbòó láì tí ì fò púpọ̀.

Ìdí rẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Bátìrì dróònù sábà máa ń ní sẹ́ẹ̀lì méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n so pọ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, bébà bàbà tín-ín-rín kan wà tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù kùn, irú kábọ́ọ̀nù tó wà nínú pẹ́ńsù. Bébà alumíníọ́ọ̀mù kan kọjú sí i, tí wọ́n fi lúúlúú àwọn irin bíi kóbáàtì kùn. Ọ̀rá tín-ín-rín dá àárín wọn sí méjì kí wọ́n má baà kanra, omi kẹ́míkà kan sì rin gbogbo rẹ̀ gbindin. Nígbà tí bátìrì bá ń gba iná, lítíọ́ọ̀mù máa ń gba inú omi yẹn kọjá láti ọ̀dọ̀ kóbáàtì lọ sínú kábọ́ọ̀nù. Nígbà tí dróònù bá ń fò, á padà síbi tó ti wá.

Sẹ́ẹ̀lì lásán kún nígbà tó bá dé fóltì 4.2. Àwọn tó ń ṣe dróònù máa ń tì í kọjá bẹ́ẹ̀ kí ó lè fò pẹ́ sí i. Bátìrì Mavic Air 2, fún àpẹẹrẹ, ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, fóltì 13.2 ni òpin ṣáàjì rẹ̀, ìyẹn fóltì 4.4 lórí sẹ́ẹ̀lì kan. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá kún tó báyìí, ìhà kóbáàtì kò ní lítíọ́ọ̀mù tó mọ́, ó wá ń fa omi kẹ́míkà tó yí i ká ya. Omi náà ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń di gáàsì. Ooru máa ń mú kí ó yá sí i. Àpò rírọ̀ tí wọ́n lẹ̀ pa ni wọ́n fi wé sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kí dróònù má baà wúwo, gáàsì náà kò sì ríbi jáde. Àpò á wá wú bí ọ̀rá yógọ́ọ̀tì tó ti kan nínú oòrùn. Sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú agolo irin kì í fi irú àmì yìí hàn, bí inú rẹ̀ tilẹ̀ ti ń bàjẹ́.

Isidor Buchmann, tó dá ilé-iṣẹ́ Cadex sílẹ̀ ní Kánádà, tẹ ìṣirò kan jáde tó fi bí ọ̀rọ̀ náà ti tó hàn. Bí bátìrì lítíọ́ọ̀mù bá jókòó fún ọdún kan níbi tí ooru rẹ̀ jẹ́ díígírì 25, tí iná inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí ìdá 96 agbára rẹ̀ ló máa kù. Bí ó bá kún fọ́fọ́ ní ibi kan náà, ìdá 80 ni. Bí ooru bá gòkè dé díígírì 40, èyí tó ní ìdá 40 á ṣẹ́kù sí 85, èyí tó kún á sì wá sí 65. Ẹni tó bá mọ bí inú ṣọ́ọ̀bù onípáànù ṣe ń gbóná lọ́sàn-án ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó mọ̀ pé díígírì 40 kì í ṣe àsọdùn, inú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sínú oòrùn sì lè kọjá 50.

Nítorí náà, ibi tí bátìrì ti ń sinmi dáadáa ni àárín: fóltì 3.80 sí 3.85 lórí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ní ti bátìrì dróònù, èyí máa ń wà láàárín ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní bátìrì sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, fóltì 3.85 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 11.55, iye yẹn gan-an ni wọ́n sì kọ sí ara bátìrì Mavic Air 2. Ẹni tí kò fẹ́ wo fóltì lè tẹ bọ́tìnnì bátìrì kó wo iná kéékèèké mẹ́rin tó wà lára rẹ̀. Bí méjì bá tàn, ó ti súnmọ́ ibi tó yẹ.

Kí a wo ayàwòrán kan tó ṣáàjì bátìrì mẹ́ta dé góńgó ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì nítorí ìgbéyàwó ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òjò rọ̀ ṣúlẹ̀, dróònù kò gbéra, iṣẹ́ mìíràn kò sì tún sí fún oṣù kan. Bí ó bá kó wọn padà sínú báàgì bẹ́ẹ̀, ó ti fi wọ́n sínú ewu tí a ṣàlàyé lókè yìí. Ohun tó yẹ ni kó wá ààyè gbalasa lọ́jọ́ kejì, kó gbé dróònù náà sókè díẹ̀, kó jẹ́ kó dúró sójú kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó bá kan ìdá 60, kó wá pààrọ̀ bátìrì. Bí ó bá jẹ́ pé ó fò wọ́n lóde ìgbéyàwó náà, tí wọ́n sì kù sí ìdá 20, kó jẹ́ kí wọ́n tutù ná, kó wá ṣáàjì wọn fún nǹkan bí ìdajì wákàtí péré, kó yọ wọ́n. Alẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ ni wọ́n á tó kún.

Ọ̀pọ̀ bátìrì dróònù òde òní ní pátákó ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá pa á tì fún ọjọ́ mélòó kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í dín iná ara rẹ̀ kù, á sì lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀. Àwọn kan máa ń fòyà bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n kò sí ewu níbẹ̀. Ewu wà nínú títẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lójoojúmọ́ láti wo iye iná tó kù, torí pé títẹ̀ yẹn lè mú kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bátìrì àwọn dróònù eré ìje kò ní irú pátákó bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣájà wọn ló ní ibi tí wọ́n kọ `Storage` sí, tí ó máa ń gbé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wá sí fóltì 3.80 tàbí 3.85, ìbáà kún jù tàbí kó ti gbẹ.

Àmì àkọ́kọ́ pé bátìrì ti ń bàjẹ́ sábà máa ń hàn nínú àkókò tó fi ń fò, kí wíwú tó yọjú. Ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ pọ̀. Iye iná tí sẹ́ẹ̀lì lè gbà ń dín kù, ìdènà inú rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Èkejì ló ń dẹ́rù bani jù. Bí ìdènà náà bá fi fóltì 0.1 dín sẹ́ẹ̀lì kù nígbà tí dróònù dúró jẹ́ẹ́ tó ń fa áńpù mẹ́fà, fóltì 0.25 ló máa dín kù nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le tó wá ń fa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Sẹ́ẹ̀lì tó wà ní 3.5 á já sí 3.25 lẹ́ẹ̀kan náà, dróònù á sì kéde pé òun fẹ́ balẹ̀, nígbà tí ojú fóònù ṣì ń sọ pé ìdá 30 ló kù. Nínú áàpù dróònù, wọ́n lè wo fóltì sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Bí méjì bá wà ní 3.86 tí ẹ̀kẹta sì wà ní 3.65, ẹ̀kẹta yẹn ni yóò sọ ọjọ́ ikú bátìrì náà.

Bátìrì tó kọ iná ní tirẹ̀ lè má tí ì kú. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí òfurufú dé, tí ooru rẹ̀ kọjá díígírì 40, ṣájà á dúró dè é kó tutù. Ìṣẹ́jú ogún sí ọgbọ̀n nínú òjìji tó. Bí wọ́n bá pa á tì nígbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, pátákó rẹ̀ á sùn láti fi ìwọ̀nba iná tó kù pamọ́, kò sì ní tan iná kankan bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì. Irú èyí máa ń jí bí wọ́n bá fi ṣájà tirẹ̀ gan-an sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbẹ kọjá bẹ́ẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì wà nísàlẹ̀ fóltì 1.5 fún ìgbà pípẹ́, bébà bàbà inú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sínú omi kẹ́míkà. Bí wọ́n bá tún wá fi iná sí i, bàbà náà á dì sí ibi tí kò yẹ, ó sì lè so ìhà méjèèjì pọ̀ láti inú. Ohun tí kíkọ̀ ṣájà ń dènà nìyí. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan máa ń tú bátìrì bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi wáyà kan iná tààrà sí sẹ́ẹ̀lì kó lè jí. Ó máa ń jí nígbà mìíràn, ó sì máa ń jóná nígbà mìíràn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sanwó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí kí bátìrì má baà dé ibẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí wọ́n máa yẹ èyí tó wà nípamọ́ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ní ti èyí tó ti wú, bó ti wù kó kéré tó, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Gáàsì inú rẹ̀ kò ní padà di omi, bí wọ́n tilẹ̀ fi sínú fíríìjì. Bátìrì dróònù tó wú lè má wọlé dáadáa mọ́, kó sì tú kúrò níbi tó há sí lójú òfurufú, dróònù á sì já lulẹ̀ bí òkúta. Bátìrì kámẹ́rà tó wú lè há sínú ihò rẹ̀. Kí wọ́n má fi ọ̀bẹ tàbí síkúrú fà á yọ, nítorí pé bí irin bá gún àpò náà, ó lè gbiná lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe. Bátìrì tó wú kò gbọdọ̀ gba iná mọ́, kò sì gbọdọ̀ bọ́ sínú ààtàn ilé. Kí wọ́n fi téèpù bo ẹnu irin rẹ̀, kí wọ́n gbé e sínú garawa irin tó ní iyanrìn gbígbẹ, kí garawa náà wà níta níbi tí òjò kò ti ní pa á, títí wọ́n á fi rí ilé-iṣẹ́ tó ń gba àlòkù bátìrì.