Àwọ̀n Abẹ́ Awọ Ìjàpá

Ẹnu Ìjàpá ni mo ti kọ́ ọgbọ́n. Kàtúùnù àwọn ọmọdé ni wọ́n gbé fún mi ṣe. Wọ́n fẹ́ kí Ìjàpá na ọrùn jáde látinú ìkarahun rẹ̀, kó rẹ́rìn-ín, kó sì sọ̀rọ̀. Mo gbẹ́ orí náà nínú kọ̀ǹpútà títí ó fi jọ pé yóò mí. Ṣùgbọ́n bó ṣe la ẹnu báyìí láti sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ètè rẹ̀ ká jọ bí ọ̀rá tí iná rà, igun ẹnu méjèèjì sì fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọ inú. Ìrísí rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Àwọ̀n tó wà lábẹ́ awọ ló dàrú.

Awọ lásán ni gbogbo ẹ̀dá tí à ń gbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, inú wọn ṣófo. Àwọ̀n sì ni awọ náà, bíi ti apẹja gan-an: kókó wà níbi tí okùn ti pàdé, okùn ń lọ láti kókó dé kókó, ojú àwọ̀n sì ni àlàfo tí okùn yí ká. Kọ̀ǹpútà yóò wá kun ojú kọ̀ọ̀kan kó lè dà bí ẹran ara.

Ẹ mú ègé ṣúgà kan, tó ní ojú mẹ́fà. Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà pín in, yóò fi kókó tuntun kan sáàárín ojú kọ̀ọ̀kan, yóò fi ọ̀kan sórí okùn kọ̀ọ̀kan, yóò wá sún àwọn kókó àtijọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wọn. Ojú kan á di mẹ́rin. Mẹ́fà á di 24, 24 á di 96, 96 á di 384. Kó tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, igun ti pòórá, ègé ṣúgà ti di roboto, ó sì ti kéré díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé inú ni gbogbo igun ń sún sí. Edwin Catmull àti Jim Clark ló gbé ìṣirò yìí jáde lọ́dún 1978, orúkọ wọn ló sì ń jẹ́ títí dòní.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọ inú fíìmù. Nígbà tí Pixar ń ṣe Toy Story tó jáde lọ́dún 1995, abala-abala ni wọ́n ń rán awọ pọ̀ bí ẹni rán aṣọ, wọ́n sì ṣe wàhálà gidi kí ojú rírán má baà hàn lójú Woody. Lọ́dún 1997 ni wọ́n ṣe Geri's Game, fíìmù kékeré nípa bàbá àgbàlagbà kan tó ń bá ara rẹ̀ ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Awọ bàbá yẹn kò ní ojú rírán, torí àwọ̀n kan tí à ń pín ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ìwúnjọ awọ ojú rẹ̀ bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ.

Mo padà sórí Ìjàpá. Àwọn agbẹ́gilére wa ní orúkọ fún ìpele iṣẹ́ wọn: ọ̀nà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe tẹ̀ lé e nínú Blender. Ojú 384 yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì `Grab` fa imú jáde, mo tẹ ihò ojú wọlé, mo fa ọrùn gùn. Kíkù àwọ̀n níye lójú ní ìpele yìí ló ń gbà wá, nítorí ẹni tí ojú àwọ̀n rẹ̀ bá ti pọ̀ jù kò ní lè gbé ìrísí ńlá mọ́, wúruwùru ni gbogbo rẹ̀ yóò máa rí.

Ṣùgbọ́n bí ọrùn ṣe ń gùn ni ojú àwọ̀n tó wà níbẹ̀ ń fà tẹ́ẹ́rẹ́, tí ti orí sì ṣù jọ. Kò sí bí a ṣe lè gbẹ́ ìwúnjọ kékeré sórí ojú tó ti fà bẹ́ẹ̀. Mo tẹ `Ctrl R`, Blender sì hun àwọ̀n tuntun tí ojú rẹ̀ dọ́gba káàkiri. Lẹ́yìn èyí ni mo tó pín in sí i tí mo sì fín ìpẹ́ ọrùn àti ìlà ẹ̀bá ojú. Iye ojú àwọ̀n ti kọjá ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó nígbà tí mo parí.

Níbí ni mo ti ṣìṣe. Mo gbà pé níwọ̀n ìgbà tó ti dára lójú, ó ti tó. Àwọ̀n tí ẹ̀rọ hun fúnra rẹ̀ kò mọ ẹnu yàtọ̀ sí ẹ̀yìn orí, ńṣe ló kàn bo gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń dá a mọ̀ rọrùn: ẹ di `Alt` mú, ẹ tẹ okùn kan lẹ́bàá ètè. Kọ̀ǹpútà yóò tọ ipa okùn náà lọ. Bí àwọ̀n bá dára, okùn yóò yí ẹnu ká, yóò padà bá ara rẹ̀ bí òrùka. Tèmi gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, ó fi ẹ̀yìn etí sílẹ̀, ọrùn ni mo ti lọ bá a.

Ńṣe ni mo wá hun àwọ̀n mìíràn lé ère náà lórí, ojú kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo tan `Snapping` sí `Face Project` kí kókó kọ̀ọ̀kan lè máa lẹ̀ mọ́ ara ère, mo sì fi `Mirror` sí i kó lè jẹ́ ìdajì orí péré ni mo máa hun. Ẹnu ni mo kọ́kọ́ mú. Ojú 12 fún ìdajì ètè, òrùka mẹ́ta tó yí ara wọn ká, nítorí awọ tó bá máa ká gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò ti ká. Ìjàpá kò léyìn, etí ẹnu tó le bí èékánná ló fi ń gé oúnjẹ, nítorí náà mo ti okùn kan sún mọ́ etí yẹn pẹ́kípẹ́kí. Ibi tí okùn méjì bá ti sún mọ́ra ni pípín kì í lè sọ di roboto. Lẹ́yìn ẹnu, mo yí ojú ká, mo wá fi òrùka 12 sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn, mo mú wọn súnra níbi tó ti máa ń tẹ̀.

Òrùka ẹnu àti òrùka ojú yóò pàdé níbì kan, níbẹ̀ ni kókó kan yóò ti ní okùn márùn-ún dípò mẹ́rin. Kò ṣeé sá fún. Bí a bá pín àwọ̀n, irú kókó bẹ́ẹ̀ máa ń wú tàbí kó fún awọ pọ̀ díẹ̀, kò sì sí ibi tó ti burú tó igun ẹnu. Mo gbé tèmi sórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Bí mo bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, mo máa ń fi `MatCap` tó ń dán bí irin wọ ère, kí n máa yí i: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ṣẹ́ lójijì, kókó búburú wà níbẹ̀.

Ìkarahun kò gba gbogbo làálàá yìí. Kì í ká, kì í nà, bí àga tàbí ìkòkò ni. `Decimate` ni mo fi dín in kù sí ìdá mẹ́wàá, ó sì kún fún ojú onígun mẹ́ta, kò sì ṣe nǹkan kan. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ọ̀dọ́ tó fi ọjọ́ mẹ́ta hun àwọ̀n dídára fún òkúta.

Orí àti ọrùn tuntun kò ju ojú 1,200 lọ. Bí a bá pín wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á di 19,200, ó sì tó fún fíìmù. Àwọn ìpẹ́ àti ìlà kéékèèké kò bá àwọ̀n yìí wá, bọ́tìnnì `Bake` ni mo fi kó wọn láti ara ère àtijọ́ sínú àwòrán kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí elése àlùkò, tí ìmọ́lẹ̀ ń kà bí ẹni pé awọ náà ga, ó sì rẹlẹ̀ lóòótọ́. Ibi méjì tó ṣófo jáde lábẹ́ àgbọ̀n nígbà àkọ́kọ́, torí àwọ̀n tuntun jìnnà sí ère níbẹ̀. Mo fi kún iye `Extrusion`, wọ́n sì dí.

Mo tún ní kí Ìjàpá la ẹnu. Ètè ṣí, òrùka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ lé e bí ìgbì omi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú díẹ̀ bó ṣe yẹ kó wú, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí.