Orúkọ Kan, Nọ́ńbà Kan: Bí A Ṣe Ń Wá Ẹni Tí Ìbò Rẹ̀ Ju Ìdajì Lọ

Ká ní ẹnì kan ń ka ìwé ìbò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kí o sọ bóyá a rí ẹni tí ìbò rẹ̀ ju ìdajì gbogbo ìbò lọ. Bí olùdíje bá jẹ́ mẹ́ta, kò sí wàhálà: wàá kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wàá sì máa fa ìlà sí iwájú ẹni tí wọ́n bá pè. Ṣùgbọ́n bí orúkọ tó lè jáde bá tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ńkọ́? Ìwé wo ni yóò gbà á?

Ní 1980, nígbà tí Robert Boyer àti J Strother Moore wà ní SRI International ní Kalifóníà, wọ́n rí ọ̀nà tí kò fẹ́ ìwé gígùn kankan. Orúkọ kan àti nọ́ńbà kan péré ni a ó máa rántí. Òdo ni nọ́ńbà náà fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá pe orúkọ nígbà tí nọ́ńbà wà ní òdo, a ó di orúkọ yẹn mú, nọ́ńbà á sì di 1. Bí orúkọ tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ èyí tí a dì mú, a ó fi 1 kún un. Bí ó bá jẹ́ òmíràn, a ó yọ 1, a ó sì gbàgbé ẹni tuntun náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìbò mẹ́sàn-án dán an wò: Adé, Adé, Bísí, Tọ́lá, Bísí, Bísí, Adé, Bísí, Bísí. A di Adé mú, nọ́ńbà di 1, ó di 2. Bísí yọ ọ̀kan, ó ku 1. Tọ́lá yọ ọ̀kan, ó di òdo. Bísí tún dé, òun la wá dì mú, nọ́ńbà di 1, lẹ́yìn náà 2. Adé sọ ọ́ di 1, Bísí méjì tó kẹ́yìn sì gbé e dé 3. Bísí ló kù lọ́wọ́ wa, ìbò rẹ̀ sì jẹ́ 5 nínú 9 lóòótọ́. Ẹ kíyè sí i pé 3 yẹn kì í ṣe iye ìbò Bísí, kì í sì í ṣe iye tó fi ju àwọn yòókù lọ.

Kí ló dé tí kò fi lè pàdánù ẹni tó ju ìdajì lọ? Ìgbàkígbà tí a bá yọ 1, ìbò méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ ló jọ jáde, bí ẹni méjì tó ń bá ara wọn jà tí wọ́n sì jọ ṣubú. Ìbò Bísí kì í pé méjì nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀ láé. Àwọn yòókù jẹ́ mẹ́rin. Bí gbogbo wọn bá tiẹ̀ kọjú ìjà sí i, mẹ́rin péré ni wọ́n lè gbé ṣubú nínú márùn-ún rẹ̀. Bí ó ti wù kí a to ìbò náà, ó kéré tán, ọ̀kan tirẹ̀ á ṣẹ́ kù.

Ìdánilójú yẹn kò ní ìtumọ̀ bí kò bá sí ẹni tó ju ìdajì lọ rárá, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹ wo ìbò méje yìí: Adé mẹ́ta tẹ̀ léra, Bísí mẹ́ta tẹ̀ lé e, Tọ́lá kan ló kẹ́yìn. Nọ́ńbà gòkè dé 3, ó sọ̀ kalẹ̀ di òdo, Tọ́lá sì wọlé. Tọ́lá tó ní ìbò kan ṣoṣo ni ọ̀nà yìí á fà lé wa lọ́wọ́! Nítorí náà, dandan ni kí a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì ka iye ìgbà tí orúkọ tó kù jáde. Kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló ń sọ òtítọ́: ìlọ́po méjì ìbò Tọ́lá jẹ́ 2, kò sì ju 7 lọ, nítorí náà kò sí ẹni tó borí.

Nínú èdè Páítọ̀nì, gbogbo rẹ̀ kò ju báyìí lọ:

```python
def ju_idaji(ibo):
    oruko, iye = None, 0
    for x in ibo:
        if iye == 0:
            oruko, iye = x, 1
        elif x == oruko:
            iye += 1
        else:
            iye -= 1
    if 2 * ibo.count(oruko) > len(ibo):
        return oruko
    return None
```

Àmì `>` tó wà nísàlẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì. Bí a bá fi `>=` rọ́pò rẹ̀, ẹni tó ní 2 nínú 4 lè di olúborí, bẹ́ẹ̀ ìdajì gan-an ló ní, kò jù ú lọ.

Boyer àti Moore kò fi ẹnu lásán sọ pé ó tọ̀nà. Wọ́n kọ ọ́ ní Fọ́tíránì, wọ́n sì fi ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn fúnra wọn ṣe fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀, 1991 ni àpilẹ̀kọ wọn tó wọ inú ìwé, nínú àkójọ tí wọ́n fi bu ọlá fún Woody Bledsoe.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ ni pé ó fẹ́ kí ìbò ṣì wà níbi tí a ti lè tún un kà. Bí orúkọ bá ń ṣàn kọjá tí a kò sì tọ́jú rẹ̀, kíkà àkọ́kọ́ nìkan la ní. Ohun tó lè sọ fún wa nígbà náà ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ju ìdajì lọ, ẹni tó kù yìí ni. Àfi bí nọ́ńbà bá parí sí òdo: ìyẹn nìkan ló fi hàn lójú ẹsẹ̀ pé kò sí ẹni bẹ́ẹ̀.