Lẹ́tà Oṣooṣù Tí Kò Fi Àìsàn Pamọ́

Nínú lẹ́tà oṣooṣù tí ilé-iṣẹ́ kékeré ń kọ sáwọn tó fi owó sí i, ìbéèrè kan ló ṣe pàtàkì jù: oṣù mélòó ni owó tó kù lè gbé wọn dé?

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbé ọjà fáwọn onísọ́ọ̀bù n'Íbàdàn ní mílíọ̀nù 24 náírà ní báńkì. Mílíọ̀nù 3 ń wọlé lóṣù, mílíọ̀nù 7 ń jáde. Mílíọ̀nù 4 ló ń dín lóṣooṣù. Oṣù 6 ló kù. Oníbàárà tó ń mú mílíọ̀nù 1 wá bá lọ. Mílíọ̀nù 5 ló wá ń dín báyìí. Owó náà kò tó oṣù 5 mọ́.

Lẹ́tà olóòótọ́ á kọ ọ́ sókè pátápátá: "Oníbàárà wa tó tóbi jù ti lọ, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta la pẹ́ gbé ọjà dé. Ọkọ̀ wa ti ń gbéra láago márùn-ún ìdájí báyìí. Ẹ bá wa wá oníbàárà méjì."

Wíwá owó tuntun máa ń gba oṣù bíi mélòó kan. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà tó ń ka èrè lóṣù yìí, tó wá ń ka iye èèyàn tó forúkọ sílẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e.